Ìpèsè àti Ìbéèrè Ọjà: Àkópọ̀ Orí Kẹta

Ẹ̀kọ́ Ọrọ̀ Ajé, ọdún kìíní, Abẹ́òkúta

Orí kẹta gùn, mo mọ̀. Ìwé yìí kò ní kí ẹ má kà á o, ṣùgbọ́n ibi tí agbára orí náà wà nìyí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìwé yín.

Ìbéèrè. Ìfẹ́ ọkàn nìkan kọ́. Ẹni tó ń fọwọ́ pa àdìrẹ lára ní Ìtòkú, tí kò sì sówó lápò rẹ̀, kò tíì béèrè ohunkóhun lójú ẹ̀kọ́ yìí. Ìbéèrè ni iye ọjà tí àwọn tó fẹ́ ẹ, tí apá wọn sì ká a, máa rà ní iye owó kọ̀ọ̀kan láàárín àkókò kan. Bí owó bá gòkè, iye tí wọ́n ń rà máa dín kù, *bí ohun gbogbo tó kù bá dúró sójú kan*. Ẹni tó bá fo gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nínú ìdánwò, máàkì rẹ̀ bá a lọ.

Ìpèsè. Iye ọjà tí àwọn tó ń tà ṣe tán láti gbé jáde ní iye owó kọ̀ọ̀kan. Níbí, owó gòkè, ọjà pọ̀ sí i.

Iye ìdọ́gba. Ibi tí ìlà ìbéèrè àti ìlà ìpèsè ti pàdé lórí àwòrán. Ẹ jẹ́ ká sọ pé P ni owó àdìrẹ ìdì kan (ẹgbẹ̀rún náírà), Q sì ni iye ìdì lọ́sẹ̀: Qd ni èyí tí àwọn oníbàárà ń béèrè, Qs ni èyí tí àwọn tó ń tà ń pèsè. Èmi ni mo ṣẹ̀dá àwọn nọ́ńbà náà, ẹ má gbé wọn lọ bá ìyá oníṣòwò kankan:

```
Qd = 120 - 10P
Qs = 20 + 10P
```

Ẹ fi wọ́n dọ́gba: P = 5, Q = 70. Ní P = 3, àwọn oníbàárà ń wá 90, ìdì 50 péré ló wà nílẹ̀. Ọ̀wọ́n 40 nìyẹn, àwọn tó ń rà á yóò sì fúnra wọn ti owó sókè. Ní P = 7, ìdì 40 yóò kù sọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, títí wọn yóò fi gbà kí wọ́n dín owó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ń ṣubú sí. Ìrìn lórí ìlà yàtọ̀ sí kí ìlà fúnra rẹ̀ ṣí kúrò. Bí owó àdìrẹ nìkan ló yí padà, orí ìlà kan náà la ṣì wà: a kàn kúrò ní ojú kan bọ́ sí òmíràn. Kí ìlà tó ṣí, ohun mìíràn ló gbọ́dọ̀ yí.

Ohun tó ń ṣí ìlà ìbéèrè: owó tó ń wọlé fún oníbàárà, iye àwọn tó ń rà, ohun tó wà lóde, ìrètí pé owó yóò gbéra lọ́la, owó arọ́pò (aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ bí àdìrẹ, tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun), àti owó ọjà tó ń bá a rìn, bí ṣúgà ti ń bá gààrì rìn.

Ohun tó ń ṣí ìlà ìpèsè: owó èlò, iṣẹ́ ẹ̀rọ, owó orí, ojú ọjọ́, àrùn. Ní 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní *Tuta absoluta* jẹ oko tòmátì run ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Oúnjẹ wa kò yí padà, síbẹ̀ owó tòmátì fò sókè dé Kútọ̀ níbí. Ìlà ìpèsè ló lọ sí òsì.

Ó tún kù: bí owó aró àti kọ́sítíìkì bá gbéra, kí ìpèsè àdìrẹ wa di `Qs = 10P`. Iye ìdọ́gba tuntun: P = 6, Q = 60. Ìbéèrè kò dín kù o. *Iye tí wọ́n béèrè* ló dín kù. Ẹ ka gbólóhùn méjèèjì yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìfèsì sí owó. Kí owó iyọ̀ di ìlọ́po méjì, ọbẹ̀ kò ní tìtorí rẹ̀ tẹ́. Kí owó ẹran ṣe bẹ́ẹ̀, pọ̀nmọ́ àti ẹja yóò gorí àwo. Ohun tó bá ní arọ́pò ló ń fèsì jù.

Iye àṣẹ. Bí ìjọba bá fi òté lé owó ní ìsàlẹ̀ iye ìdọ́gba, ọ̀wọ́n ló ń bí. Ẹ̀yin náà mọ ìlà ọkọ̀ nílé epo, ẹ sì mọ àwọn tó ń fi kẹ́ẹ̀gì tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Owó kò sọ̀ kalẹ̀ ní tòótọ́: oníbàárà ń fi wákàtí tó fi dúró san ìyókù.

Iṣẹ́ fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ mú rúlà wá. Èmi kì í gba àwòrán tí a fọwọ́ lásán yà. P wà lóòró, Q wà ní ìbú.

1. Láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù Ọ̀pẹ 2020, ìjọba ti ẹnubodè ilẹ̀ pa. Ìlà wo ló ṣí fún ìrẹsì òkèèrè? Èwo ló ṣí fún ìrẹsì Ọ̀fadà? Ẹ ya méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.
2. Nínú àpẹẹrẹ àdìrẹ àkọ́kọ́, bí ìjọba bá ní P kò gbọ́dọ̀ kọjá 4, ọ̀wọ́n ìdì mélòó ni yóò wà?