Ẹ̀bẹ̀ fún olùjẹ́jọ́ kí kóòtù tó kéde ìjìyà: ẹjọ́ alájọ Ọjà Ọba, Òṣogbo

Ọlọ́lá Adájọ́, èmi ni agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́. Mo dúpẹ́ tí kóòtù gbà kí n sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, nítorí àwọn ìyá mẹ́rìnlá tí olùjẹ́jọ́ kó owó wọn jẹ ló jókòó lẹ́yìn mi yìí, ó sì yẹ kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ fún un.

Ohun tó ṣe kì í ṣe kékeré. Alájọ ni. Láràárọ̀ ló ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tó ń gba owó, tó ń fa igi sórí káàdì. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni èrè tirẹ̀. Ìyókù, ti ẹni tó dá a ni. ₦486,000 ló kó jẹ nínú ìyókù yẹn.

Káàdì ìyá tó ń ta ata wà lára ẹ̀rí tó wà níwájú kóòtù. Àpótí 31 ló wà lórí rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan náírà lójúmọ́, bírò búlúù ni wọ́n fi fa igi sí wọn títí dé ìsàlẹ̀. Olùjẹ́jọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá pé nígbà tí òun ń fa igi mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, òun mọ̀ pé owó tó ṣáájú ti lọ. Ìyẹn ló burú jù lójú tèmi. Kì í ṣe ìwà ọjọ́ kan. Ojoojúmọ́ ló ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń pè é ní “ọmọ mi.” Nígbà tí oṣù parí, màmá yìí kò rówó rajà, ìsọ̀ rẹ̀ sì wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù orí fóònù ló fi owó náà ta. Kò sí aláìsàn nílé, kò sí ẹni tí ebi ń pa. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má fi ìyá òun bẹ kóòtù.

Ọmọ ọdún 27 ni. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì, bó ṣe bọ́ sídìí iṣẹ́ wẹ́dà nìyẹn. Ó fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ, ó gba òmìnira. Jẹnẹrétọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, torí iná kì í dúró. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo fò sókè, iṣẹ́ náà kò pa èrè mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ àjọ gbígbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jìyà epo yẹn tí wọn kò jalè, nítorí náà n kò gbé e kalẹ̀ bí àwáwí. Mo fẹ́ kí kóòtù mọ̀ pé ó níṣẹ́ ọwọ́ ni, àti pé ẹjọ́ kankan kò gbé e dé kóòtù rí ṣáájú èyí.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn sí i létí ló ti ní òun jẹ̀bi. Kò sí ìyá kan tó ní láti ti ìsọ̀ pa wá jẹ́rìí. Ọjọ́ 23 ló lò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà kó tó rí oníduúró. Bó ṣe jáde ló ta ọ̀kadà rẹ̀, ó fi ohun tó rí nídìí wẹ́dà kún un, ó sì san ₦190,000 sọ́wọ́ rẹ́jísítírà. Ìyá márùn-ún ti gba owó wọn pé. Ó ku ₦296,000 fún àwọn mẹ́sàn-án.

Ó ní òun ti pa áàpù tẹ́tẹ́ náà rẹ́ lórí fóònù òun. N kò gbára lé ìyẹn, ẹnikẹ́ni lè dá a padà ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí mo gbára lé ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó jókòó síbí. Ó ti gbà á padà, lẹ́tà rẹ̀ sì wà nínú fáìlì: òun ni yóò máa yọ ₦37,000 lóṣooṣù nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò mú un wá fún rẹ́jísítírà tààrà kó tó kan ọmọ náà lọ́wọ́. Láàárín oṣù mẹ́jọ, gbèsè náà á tán.

Ọlọ́lá Adájọ́, Abala 390 Òfin Ìwà Ọ̀daràn fàyè gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún olè jíjà, ó sì lè di méje tó bá jẹ́ owó tí wọ́n fi ránni. Agbára yẹn wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2019 lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n náà mọ iṣẹ́ ìlú àti ìṣọ́ni gẹ́gẹ́ bí ìjìyà. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí kóòtù pàṣẹ pé kó san ₦296,000 náà bí mo ṣe kà á sílẹ̀ yìí, kó máa ṣe iṣẹ́ ìlú, kí òṣìṣẹ́ tí òfin yàn sì máa ṣọ́ ọ; kó má sì gba àjọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá kùnà oṣù kan, kí wọ́n dá a padà síwájú yín.

Bí kóòtù bá rí i pé ẹ̀wọ̀n náà ló tọ́, a bẹ̀bẹ̀ kí ẹ yọ ọjọ́ 23 yẹn kúrò nínú rẹ̀, kí àṣẹ ìsanpadà sì dúró síbẹ̀, nítorí àwọn ìyá mẹ́sàn-án yìí.