Ife Tó Ń Tà Wàràwàrà

Tẹ́ ẹ bá bi mí nígbà yẹn pé kí ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù mi ró, kíá ni màá nawọ́ sí ife onígíláàsì yẹn, torí kò sọ́jọ́ tí fóònù mi ò ní dún bí ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹnì kan máa sọ pé "ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi ife yẹn kan ránṣẹ́", àwo jókòó, ìkòkò jókòó, ife ń lọ, inú mi sì ń dùn. Ohun tí ò yé mi ni pé gbogbo ìgbà tó bá ti di àtira ọjà tuntun, owó kì í pé. Mo tiẹ̀ ti ń fura sí àbúrò mi tó ń bá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù, Ọlọ́run foríjì mí.

Òun gan-an ló gbé ìwé ọ́dà síwájú mi lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Ẹ jẹ́ ká ka ti ife nìkan."

Ife 200 la tà láàárín oṣù mẹ́ta. Mo ní ṣó o rí i báyìí! Kò dá mi lóhùn, ó mú bírò pupa, ó ń fa ìlà sábẹ́ àwọn kan, ó di 28, gbogbo wọn ni mo kọ "ó fọ́, a ti fi òmíràn ránṣẹ́" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ àmọ́ mi ò kà á pọ̀ rí.

Ó wá pín owó ife kan sọ́nà 10. Ọ̀nà 6 la fi rà á, ọ̀kan lọ sórí ọ̀rá tá a fi ń dì í, 2 lọ fún ẹni tó ń gbé e lọ, torí èmi náà ni mo fẹnu mi sọ pé kọ́sítọ́mà ò ní sanwó ìfiránṣẹ́. Ó ku ọ̀kan péré. Ife 200, èrè 200 nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó bá fọ́, 9 ló ń ná wa láti fi òmíràn rọ́pò ẹ̀, ọ̀nà 9 nígbà 28, 252. A ti fi 52 jẹ gbèsè, owó ife márùn-ún ó lé, lórí ọjà tí mo fi ń yangàn!

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo ń yí ìwé yẹn síwá sẹ́yìn, ìgbà yẹn ni mo rí i pé nínú 28 tó fọ́, 25 ló jẹ́ ọ́dà ife kan ṣoṣo. Àwọn tó ra mẹ́rin, inú páálí tó bá a wá ló ń bá lọ, èyí tá a bá yọ lẹ́yọ la máa ń wé sínú ọ̀rá lásán.

"Jọ̀ọ́, má bínú," mo sọ fún un. Ó rò pé torí ìṣirò ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì fóònù dún. "Ẹ̀gbọ́n, ife yẹn, ẹyọ kan."

Àyà mi já díẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú o, mẹ́rin mẹ́rin la ń tà á báyìí, nínú páálí ẹ̀."

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní kí n jẹ́ kí òun bi ọkọ òun.