Ẹ̀bẹ̀ fún lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ẹ̀kọ́ oyè másítà: Títílayọ̀, pírójẹ́ẹ̀tì omi kànga 2019 (ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a ń retí rẹ̀: 1 oṣù Kejìlá)

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Kẹwàá 2025

Dókítà Adéoyè, Mà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Mo gbà á ládùúrà pé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá ẹ̀yin àti gbogbo ilé.

Títílayọ̀ ni, Mà, akẹ́kọ̀ọ́ yín tó ṣe pírójẹ́ẹ̀tì lórí omi kànga 24 lábẹ́ àbójútó yín láti 2018 sí 2019. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní kọ́ọ̀sì kòkòrò àìfojúrí inú omi nígbà tí a wà ní ọdún kẹta, ní 2017. Mo fẹ́ lọ kàwé fún oyè másítà nínú ìmọ̀ ìlera ará ìlú, ẹ̀ka omi àti ìmọ́tótó, mo sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo ń bá ṣe é. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló máa tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lókè nìkan ni yóò máa yí padà.

Ẹ jọ̀ọ́ Mà, tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ jù lọ́wọ́ yín ní sáà yìí, tàbí tí ẹ bá rí i pé ohun tí ẹ rántí nípa mi kò tó láti kọ lẹ́tà tó lágbára, ẹ sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Kò ní dùn mí rárá. Lẹ́tà tó kàn sọ pé “akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, ó níwà rere” kì í ran ẹni tó ń wá ààyè lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ dì yín lọ́wọ́ fún irú rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ìdáhùn yín, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó tó di ọjọ́ Ajé, 27 oṣù yìí, àyè á ṣì wà fún mi láti tọ ẹlòmíràn lọ.

Mi ò tíì kọ orúkọ yín sí ojú ewé ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ìgbà tí ẹ bá gbà ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, nítorí pé kété tí mo bá tẹ orúkọ olùjẹ́rìí sí i ni ẹ̀rọ wọn máa ń fi línkì ránṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ já lù yín láìròtẹ́lẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ kìíní ń retí lẹ́tà ní 1 oṣù Kejìlá 2025, ìkejì ní 15 oṣù Kejìlá, ìkẹta ní 9 oṣù Kìíní 2026. Aago tiwọn ni wọ́n ń wò, kì í ṣe tiwa, ojú ewé náà sì máa ń ti ara rẹ̀ pa lóru ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú 1 oṣù Kejìlá, ìyẹn 28 oṣù Kọkànlá, sí ọjọ́ ìkẹyìn gan-an. Tí ti ìkíní bá ti jáde, èyí tó kù kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n ṣe ń gbà á yàtọ̀ síra. Ìkíní àti ìkẹta ló ń lo línkì. Ẹ óò tẹ̀ ẹ́, ẹ óò dáhùn ìbéèrè díẹ̀, ẹ óò sì gbé lẹ́tà náà sókè ní PDF tí kò ju 2 MB lọ. Ìkejì kò ní fóòmù. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ímeèlì ọ́fíìsì ìgbaniwọlé wọn, mo sì ti kọ àdírẹ́sì náà sínú fáìlì àkọ́kọ́ tí mo so mọ́ ìwé yìí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ́ kí lẹ́tà wà lórí ìwé tó ní àmì yunifásítì lókè, kí ó ní ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, ìbuwọ́lù yín, ipò yín àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Ímeèlì yunifásítì ni wọ́n fẹ́ kí ó ti wá. Wọ́n sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò ní gba ti Gmail tàbí Yahoo, torí pé ibẹ̀ ni àwọn ayédèrú lẹ́tà ti ń wá jù. Tí ímeèlì ẹ̀ka wa bá ṣì máa ń dákẹ́ bíi tàtijọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè mọ̀, màá kọ̀wé sí wọn ṣáájú láti béèrè ohun tí a lè ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́ Mà, tí línkì náà kò bá hàn láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tí mo bá sọ fún yín pé mo ti tẹ orúkọ yín, ẹ wo inú Spam. Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nìkan ni línkì náà ń ṣí fún, nítorí náà kò ní ṣiṣẹ́ tí ẹ bá darí rẹ̀ sí akọ̀wé ẹ̀ka pé kó bá yín gbé e sókè. Mo lè ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ nígbàkígbà.

Lórí fóòmù, wọ́n á bi yín pé ọdún mélòó lẹ ti mọ̀ mí àti nípò wo. Wọ́n á tún ní kí ẹ fi mí wé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù tí ẹ ti kọ́, bóyá mo wà nínú ìdá 5, 10 tàbí 25 tó mókè nínú ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ yín ni ìdájọ́ yẹn wà. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé àwa 62 la jọ jáde ní 2019, mo sì wà ní ipò karùn-ún pẹ̀lú 4.38 nínú 5.00. Mo gba 71 nínú kọ́ọ̀sì yín, mo sì gba 74 nínú pírójẹ́ẹ̀tì.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà náà kí àwọn kàn fọwọ́ sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ kejì kò gba èyí láàyè rárá, èmi náà kò sì ní fẹ́ ẹ. Mo ti yan pé mi ò ní béèrè láti ka ohun tí ẹ bá kọ. Àwọn òtítọ́ tó lè rán yín létí nìkan ni mo kó sísàlẹ̀ yìí. Ẹ mú èyí tó bá yín lára mu, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Kànga 24 náà, 12 kò ju mítà 15 lọ sí ṣáláńgá, 12 yòókù ju mítà 30 lọ. A bu omi wọn lẹ́ẹ̀kan lójò, lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀rùn, ó jẹ́ ìgò 48. Ọ̀nà túùbù 15 sí ìgò kan la lò, márùn-ún fún 10 ml, márùn-ún fún 1 ml, márùn-ún fún 0.1 ml, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 720 túùbù tí mo kà fúnra mi lẹ́yìn wákàtí 24 àti 48 ní 37 °C. Lójò, a rí íkólì nínú kànga 19. Lẹ́ẹ̀rùn, nínú 11. Ìwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé ni a fi wọ́n wé, èyí tó ní a kò gbọdọ̀ rí íkólì rárá nínú 100 ml omi mímu.

Ibi tí mo rò pé ẹ̀rí yín máa wúlò jù ni ti túùbù àfiwé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìgbà òjò, gáàsì hàn nínú túùbù tí a fi omi aláìlẹ́gbin sí. Dípò kí n yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀, mo gbé e wá fún yín lọ́jọ́ náà, ẹ sì ní kí n máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Mo dán pípẹ́ẹ̀tì wò, mo dán oúnjẹ kòkòrò wò, mo dán omi wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi inú ọ̀kan lára àwọn garawa tí gbogbo láàbù ń lò ni, nítorí pé wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é. A tún omi náà sè ní 121 °C fún ìṣẹ́jú 15, a pín in sínú ìgò kéékèèké, a sì tún ìgò mẹ́fà ọ̀sẹ̀ yẹn bù láti kànga. Ojú ewé ìwé láàbù mi tí èyí wà, tí ẹ fọwọ́ sí, ni mo yà fọ́tò sínú fáìlì kẹta. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ìbéèrè tó gùn jù lórí fóòmù náà ni èyí tó ní kí ẹ mú àpẹẹrẹ kan tó fi hàn bí mo ṣe ń yanjú ìṣòro nínú ìwádìí.

Wọ́n á tún béèrè ibi tó yẹ kí n túbọ̀ ṣiṣẹ́ lé. Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ ìdáàbòbo pírójẹ́ẹ̀tì pé ọ̀rọ̀ mi ń yára jù, àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Ẹ lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Mà. Láti 2020 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe omi mọ́, èmi ni mo ń ka ìjábọ̀ oṣooṣù níwájú àwọn ẹlẹ́rọ.

Àwọn olùjẹ́rìí méjì yòókù ti gbà. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ yóò sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi lóde àti bí mo ṣe ń bá ènìyàn ṣe. Olùkọ́ wa nínú ìṣirò yóò sọ nípa ìtúpalẹ̀ àwọn nọ́ńbà. Ìwádìí nínú láàbù àti ìkọ̀wé ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó yín. Ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní kí lẹ́tà má mẹ́nu kan ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, ìgbéyàwó tàbí ìdílé. Ojú ewé kan sí méjì ni wọ́n fẹ́.

Ohun kan tó lè dí wa lọ́wọ́ ni orúkọ. Adégòkè ni ẹ mọ̀ mí sí, òun náà ló wà lórí ìwé ẹ̀rí mi, ṣùgbọ́n Ọláwálé ló wà lórí páspọ́ọ̀tù mi báyìí. Tí lẹ́tà bá ní orúkọ kan tí fóòmù sì ní òmíràn, wọ́n lè ya lẹ́tà náà sọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ báyìí: Títílayọ̀ Ọláwálé (Adégòkè tẹ́lẹ̀).

Fáìlì mẹ́rin ló wà pẹ̀lú ìwé yìí: orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti àdírẹ́sì wọn, èsì ìdánwò mi, ojú ewé ìwé láàbù pẹ̀lú àkótán pírójẹ́ẹ̀tì, àti ìtàn iṣẹ́ mi pẹ̀lú ohun tí mo kọ sí wọn pé mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Tí ẹ kò bá ní àyè ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ̀kẹta ni kí ẹ ṣí.

Tí ẹ bá gbà, màá rán yín létí lẹ́ẹ̀kan ní 17 oṣù Kọkànlá, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 25, tí ojú ewé wọn bá fi hàn pé lẹ́tà kò tíì dé. Mi ò ní máa pè yín lórí fóònù àyàfi tí ẹ bá ní kí n pè. Tó bá sì rọ̀ yín lọ́rùn kí n wá sí ọ́fíìsì, ọjọ́ Ẹtì èyíkéyìí ni mo lè wá.

Ẹ ṣeun púpọ̀, Mà, fún àkókò yín. Èsì yòówù tí wọ́n bá fún mi, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ sọ fún.

Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ yín,
Títílayọ̀ Ọláwálé (Adégòkè tẹ́lẹ̀)