Lẹ́yìn ìjíròrò wa ní Ọjọ́rú: ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, owó rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò parí

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, 2025

Ìyáàfin Adéyẹmọ,

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀yin, olùdarí fíìmù àti bùọ̀dá tó ń mójú tó owó fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi lórí fóònù ní Ọjọ́rú nípa kíkọ ọ̀rọ̀ tí yóò máa hàn ní ìsàlẹ̀ fíìmù yín. Ẹ ní kí n kọ ohun tí mo gbọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ ìwé àdéhùn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo rí i pé níbì kan, ó jọ pé ohun tí wọ́n sọ kọ́ ni mo gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ₦2,500 fún ìṣẹ́jú fíìmù kan ni. Lójú tèmi, owó ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nìkan nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí bùọ̀dá ń ṣe ìṣirò, ó ní ₦900,000 ni gbogbo rẹ̀, ó sì ti ka kíkọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àwọn òṣèré sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn mọ́ ọn. Iṣẹ́ méjì ni, mà. Apá 8, ìṣẹ́jú 45 ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ìṣẹ́jú 360. Gẹ̀ẹ́sì ní ₦2,500 jẹ́ ₦900,000 lóòótọ́. Yorùbá alámì, mo máa gba ₦1,500 fún ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ₦540,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,440,000. Bí owó yín ò bá gbé méjèèjì, ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá sílẹ̀ ká ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi ò ní bàjẹ́. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ká ṣe méjèèjì ní owó ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi bi bùọ̀dá bóyá iye yìí ni máa gbà kí wọ́n tó yọ owó-orí tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, mo fẹ́ ìwé ẹ̀rí pé wọ́n san án ní orúkọ mi.

Apá kẹta tí ẹ fi hàn mí, tí babaláwo ti ń pe ọfọ̀, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ìlà méjì péré ló ń hàn lójú fíìmù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà 42 ni mo sì máa ń fi mọ lórí ìlà kan, kí ẹni tó ń wò ó lè kà á tán kí ẹnu òṣèré tó pa dé. Baba náà ní, “Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.” Inú ìró tẹ̀tẹ̀ àti tẹ́ ni agbára ọ̀rọ̀ yẹn wà. Bí mo bá kàn pe orúkọ ewé náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ọbẹ̀ ni òǹwòran máa rò pé à ń sè. Mo fẹ́ kí olùdarí fún mi láàyè láti wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìró rẹ̀ jọra, kódà bí ewé náà bá yí padà. Kí ó sì bá mi wá ẹnì kan tó gbọ́ Ìjẹ̀bú dáadáa fún apá karùn-ún. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Mo lè ṣi ìyá tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ gbọ́.

Fáìlì .srt ni máa fi ránṣẹ́, ọ̀kan fún èdè kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn tó ń gé fíìmù sọ irú lẹ́tà tí wọ́n ń lò fún mi, torí ọ̀pọ̀ lẹ́tà ni àmì orí ọ̀ àti ẹ́ kì í jókòó dáadáa lórí rẹ̀.

Mo lè bẹ̀rẹ̀ ní Ajé, ọjọ́ 20 oṣù yìí, kí n sì parí ní Ẹtì, ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, bí fíìmù tó dé ọwọ́ mi bá jẹ́ èyí tí ẹ ti gé tán. Bí ẹ bá tún gé e lẹ́yìn tí mo ti ṣe é, gbogbo àkókò inú fáìlì ló máa yẹ̀. Títò ó padà jẹ́ ₦500 fún ìṣẹ́jú kan. Àtúnṣe ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì wà nínú owó mi.

Ní ti sísan: ₦432,000 kí n tó bẹ̀rẹ̀, ₦576,000 nígbà tí apá kẹrin bá dé ọwọ́ yín, ₦432,000 láàárín ọjọ́ 14 tí mo bá fi èyí tó kẹ́yìn ránṣẹ́. Ẹ rántí pé ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ra fíìmù bá sanwó ni ẹ ó san tèmi. Ẹ má bínú, mà, mi ò lè gba ìyẹn. Mi ò mọ̀ wọ́n, mi ò sì bá wọn ṣe àdéhùn.

Máa wà nídìí fóònù ní Ajé láti aago 10 àárọ̀ títí di aago 1 ọ̀sán. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ dípò ìpè, ẹ fèsì sórí ímeèlì yìí kan náà.

Èmi ni tiyín,
Fọlákẹ́, Bódìjà, Ìbàdàn