Lẹ́tà Alága lórí bí a ó ṣe máa gba ìpàdé oṣooṣù láti ọdún 2026

Mọ́níyà, Ìbàdàn
Ọjọ́ 17, oṣù kọkànlá, ọdún 2025

Sí gbogbo àwa ọmọ Ìsẹ́yìn tí a jọ ń ṣe ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn,

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú bí ọdún ṣe ń kógbá sílé. Ẹni tó bá wà ní ìpàdé ọjọ́ 9 oṣù yìí mọ̀ pé ariwo pọ̀, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bí a ṣe ń yan ẹni tí yóò gba ìpàdé sílé rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ ní kí ìgbìmọ̀ lọ jókòó tì í, kí n sì kọ ibi tí a bá parí rẹ̀ sí ránṣẹ́. Òun nìyí. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, a ò ní fi ìwé orúkọ pín ìpàdé mọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní dùn mọ́ àwọn àgbà kan nínú. Ìwé orúkọ la fi bẹ̀rẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ ń gbà á, èkejì a tẹ̀ lé e. Nígbà tí a ò ju mẹ́sàn-án lọ, kò sí wàhálà. A ti di 24 báyìí, oṣù 12 ló sì wà nínú ọdún. Akọ̀wé ló ṣí ìwé síwájú mi tó ní, "Ẹ wò ó, Bàbá Ìdòwú, oṣù kan náà ló ń bọ́ sí fún kálukú." Ìgbà yẹn lojú mi tó là. Bí ó bá yípo lẹ́yìn ọdún méjì, ẹni 19 tún padà bọ́ sí oṣù keje, bẹ́ẹ̀ náà ni títí ayé. Ìyá Kẹ́hìndé ní Apẹ̀tẹ̀ ni ẹni 19. Ẹ rántí oṣù keje tó kọjá yìí. A bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ìdajì ọ̀nà, a ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún, bàtà Bàbá Àgbà kan rì sínú ẹrẹ̀, a ò sì rí i títí di òní. Ìrẹsì tí ìyá sè fún ènìyàn 24, àwa 9 la jẹ ẹ́.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ni ẹni 15. Oṣù kẹta ni tiwọn, oṣù kẹta ọdún yìí sì bọ́ sínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ju ìdajì wa lọ wò ó, a ò fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó ṣe ìyá yìí níbi, ìwé ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa. N ò ní dárúkọ rẹ̀, òun náà ló ní kí n sọ ọ́. Bí ìpàdé ṣe ku oṣù méjì kó kàn án, a ò rí i mọ́. Àwọn kan ti ń sọ pé ahun ni. Mo lọ bá a nílé lálẹ́ ọjọ́ kan. Yàrá kan ni, ó gbé tìmùtìmù dúró ti ògiri kí èmi lè rí ibi jókòó, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Bàbá, níbo ni mo fẹ́ fi gbogbo yín sí?" N ò rí èsì kankan fọ̀.

Nítorí náà, méjì-méjì la ó máa gba ìpàdé báyìí. A so ẹni tí ilé rẹ̀ gba èrò pọ̀ mọ́ ẹni tí tirẹ̀ kò gbà á, ilé ẹni àkọ́kọ́ la ó lò, àwọn méjèèjì a jọ dá owó oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi ẹnì kejì léèrè pé ilé ta ni. Ilé ẹgbẹ́ ni lọ́jọ́ náà. Bàbá wa méjì tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹgbẹ́ ti yọ̀ǹda wọn. Ó ku 22, ìyẹn oṣù 11. Oṣù 12 kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ojú ọ̀nà àti ojú ọjọ́ la fi to oṣù. Ọjọ́ Àìkú kejì lóṣù la ṣì ń ṣe é, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èmi àti Ìyá Wálé la ó ṣíde ní Mọ́níyà, ọjọ́ 11 oṣù kìíní, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé alága fi ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ọjọ́ 8 oṣù kejì, Apẹ̀tẹ̀ ni, Ìyá Kẹ́hìndé àti Bàbá Àlàbá. Eruku la ó bá jà, kì í ṣe ẹrẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù kẹta yóò bọ́ sínú ààwẹ̀, nítorí náà agogo márùn-ún la ó bẹ̀rẹ̀, a ó sì jọ ṣínu nílé Àlàájì Akápò ní Agodi. Àwọn àti Ìyá Rìsí ni. Ìyá Rìsí ní bí ọjà Òjé bá bọ́ sí ọjọ́ náà, àwọn ò ní pa òfì títà tì nítorí wa, ṣùgbọ́n àkàrà àti ẹ̀kọ á ti délé ṣáájú àwọn.

Olódó ni ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, Bàbá Ṣadé àti Ìyá Bọ́sẹ̀, kí òjò tó le. Akóbọ̀ ni ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, Ìyá Túndé àti Bàbá Àyọ̀. Láti ibẹ̀, ilé etí títì ọ̀dà nìkan la ó máa lọ títí òjò á fi dá: Bódìjà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, Bàbá Délé àti Akọ̀wé; Mọ́kọ́lá ní ọjọ́ 12 oṣù keje, Ìyá Yétúndé àti Bàbá Kọ́lá; Àpáta ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, Bàbá Sùnmọ́nù àti Ìyá Fẹ́mi; Chálẹ̀ńjì ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án, Ìyá Ìbejì àti Bàbá Gbénga; Ẹlẹ́yẹlé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá, Bàbá Láídé àti Ìyá Níkẹ̀ẹ́. Bàbá Ṣèyí àti Ìyá Mọ́nsúrù ní Orógùn ló ni ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá. Ọjọ́ 13 oṣù kejìlá, gbogbo wa á wọkọ̀ ní Mọ́níyà, Ìsẹ́yìn la ó ti ṣe é, inú àpò ẹgbẹ́ ni owó oúnjẹ á ti jáde.

Àwọn kan ní ọdún méjì-méjì ló ń kan àwọn tẹ́lẹ̀, ó ti wá di ọdọọdún. Òótọ́ ni. Ìdajì owó lẹ ó sì máa ná. Oṣù kejìlá yìí náà ni ìyípo àtijọ́ ń parí, gbogbo wa la ti gbà á tán, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè.

Oúnjẹ kan, ẹran kọ̀ọ̀kan, omi inú ọ̀rá àti mínírà kọ̀ọ̀kan, ó tán. Ẹni tó bá pa ewúrẹ́, òun àti ìdílé rẹ̀ ni kó jẹ ẹ́. A ò fẹ́ kí ẹni tó tẹ̀ lé e lọ yáwó. Ẹgbẹ́ yóò máa fún ilé tí ó bá kàn ní ₦20,000 fún àga àti kánópì. Bí oṣù yín kò bá rọgbọ, ẹ wá ẹni tí ẹ jọ máa pààrọ̀, kí ẹ sọ fún Akọ̀wé nígbà tó bá ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀fọ̀ tàbí àìsàn kò ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú, ẹ pè mí, bó ṣe òru.

Ìpàdé tó ń bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kejìlá, nílé Bàbá Ṣèyí ní Orógùn ni. Àwọn ni ẹni 24, àwọn ló sì ń ti ìwé àtijọ́ pa. Ẹ má pẹ́ o, Bàbá Ṣèyí ti ní agogo mẹ́rin àbọ̀ làwọn á ti ilẹ̀kùn.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìdòwú
Alága