Lẹ́tà ọpẹ́ sí ìgbìmọ̀ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́

Ìtòkò,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
14 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀bùn Ẹ̀kọ́,
Ìtòkò, Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin àgbà mi,

ỌPẸ́ LÓRÍ 500,000 NÁÍRÀ, ÀTI BÍ N ÓÒ ṢE NÁ AN

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Owó náà ti wọ àkáǹtì mi, ó pé 500,000 náírà, kò dín kọ́bọ̀ kan. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Màmá mi ní kí n bá òun dúpẹ́ tòun lọ́tọ̀. Láti ìgbà tí ìròyìn ti tàn ni àwọn kan ti ń dábàá fún màmá mi pé kí wọ́n yá díẹ̀ níbẹ̀ fi ra ẹ̀gẹ́ fún iṣẹ́ láfún wọn ní Láfẹ́ńwá. Èsì kan náà ni màmá mi ń fọ̀ fún gbogbo wọn: "Owó ìwé ni. Ìwé ni yóò jẹ ẹ́."

Ìwé náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Owó ilé-ìwé ló kọ́kọ́ lọ. 120,000 náírà ló kù tí n óò san ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Àlàbàtà kí wọ́n tó lè forúkọ mi sílẹ̀ fún ọdún karùn-ún, tó jẹ́ àṣekágbá. Mo ti san án. Rìsíìtì rẹ̀ wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.

Iṣẹ́ ìwádìí mi ló máa gba 200,000 náírà. Ẹ ó rántí pé lórí oúnjẹ ẹja àrọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sin ẹja rí mọ̀ pé oúnjẹ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó olówó, ju omi lọ, ju ọmọ ẹja fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tó sì ń mú oúnjẹ náà wọ́n ni ẹja lílọ̀ tí wọ́n fi ń fún un ní purotéènì, torí òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Mo fẹ́ yọ díẹ̀ nínú ẹja lílọ̀ yẹn, kí n fi ìdin gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Ìdin yìí kì í ṣe ti eṣinṣin inú ilé. Ti eṣinṣin dúdú kan ni, tí àgbà rẹ̀ kì í sábà jẹun, tí kì í sì bà lé oúnjẹ ènìyàn káàkiri.

Oúnjẹ mẹ́rin ni n óò pò. Àkọ́kọ́ kò ní ìdin rárá. Nínú èkejì, ìdin á gba ipò ìdá kan nínú mẹ́rin ẹja lílọ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ìdajì. Nínú ẹ̀kẹrin, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Agbada omi ńlá mẹ́ta-mẹ́ta ni oúnjẹ kọ̀ọ̀kan máa ní, kó má baà jẹ́ pé agbada kan ṣoṣo ló ṣe dáadáa ní àṣìṣe. Agbada méjìlá nìyẹn, 6,000 náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72,000. Ọmọ ẹja mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa wà nínú agbada kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 180, ṣùgbọ́n igba ni n óò rà nítorí pé àwọn kan lè kú lọ́nà, 60 náírà ọ̀kan, 12,000. Òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù jẹ́ 13,000. Ẹja lílọ̀, ẹ̀wà sóyà, àgbàdo, òróró àti fítámì á gba 58,000. Ilé àyẹ̀wò tó máa sọ iye purotéènì tó wà nínú oúnjẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti nínú ìdin náà ń gba 9,000 lórí ọ̀kan, márùn-ún sì ni, 45,000.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìyá tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bi mí pé, bí eṣinṣin náà kò bá wá yé ẹyin ńkọ́? Ìdáhùn mi lọ́jọ́ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí náà mo lọ gbìyànjú rẹ̀ wò. Èso tó ti rọ̀ tí àwọn olówò ní Kútọ̀ ń dà nù ni mo kó sínú ike lẹ́yìnkùlé wa. Ìdin ti wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sanra, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá wọn. Owó ìdin kò sí nínú ìṣirò yìí, mà. Òórùn rẹ̀ nìkan ni màmá mi ń ṣe ìráhùn lé lórí.

Ibi kan wà tí ètò mi ti yàtọ̀ sí ohun tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Mo kọ 150,000 náírà fún kọ̀ǹpútà alágbèéká. N kò ní rà á mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, ìwé ni mo sì fẹ́ fi tẹ̀. Ohun tó ká mi lára jù ni ibùgbé. Mo ti rò pé láti Ìtòkò ni n óò máa lọ sí Àlàbàtà lójoojúmọ́. Àmọ́ àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni a ń fún ẹja lóúnjẹ, a sì ní láti pààrọ̀ omi kí ìgbẹ́ àti oúnjẹ àjẹkù tó bà á jẹ́. Àrọ̀ tí ebi bá ń pa kò ní dúró de ẹni tí gosiló dá dúró ní Ọ̀bańtokò. Èyí tó tóbi á gbé èyí tó kéré mì, iye tí mo kà sínú agbada á sì di irọ́. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan ní yàrá ní Káǹpù, 80,000 náírà ni ìpín tèmi. Ìyókù 70,000 tí mo yọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà ti wọ inú owó àwọn agbada, nítorí ìkùdù sìmẹ́ńtì tí mo kọ́kọ́ rò pé n óò lò tóbi jù fún ọmọ ẹja mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ìyípadà yìí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí kí oṣù yìí tó parí. N kò ní fọwọ́ kan 150,000 yẹn títí di ìgbà náà.

Ó ku 100,000. Títẹ ìwé, fọ́tòkọ́pì àti dídì í á gba 45,000, owó ọkọ̀ àti dátà 40,000. 15,000 tó gbẹ̀yìn, mo fi í sílẹ̀ fún epo jẹnẹrétọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ ló ń fa omi wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: ìgbà tí owó yín dé ṣe pàtàkì bíi iye rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá mú, omi á tutù, àrọ̀ kò sì ní jẹun bó ṣe yẹ. Ní báyìí mo lè kó ẹja sómi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Oṣù Kọkànlá, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí mo nílò lè fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ọyẹ́ tó le.

Nígbà tí iṣẹ́ bá tán, n óò ta àwọn ẹja tó bá kù fún ẹni tó máa sìn wọ́n títí dàgbà, owó rẹ̀ á padà sínú àpò ìgbìmọ̀, pẹ̀lú ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù. Àwọn agbada àti òṣùwọ̀n náà, n óò kó wọn wá fún yín kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lè lò wọ́n. Gbogbo rìsíìtì àti ẹ̀dà ìwé ìwádìí náà á dé ọwọ́ yín ní Oṣù Kẹta, 2026. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ wá wo ẹja náà, ọjọ́ Sátidé ló dára jù, torí ọjọ́ náà ni mo máa ń wọ̀n wọ́n.

Ẹ ṣeun, ẹ kú àfiyèsí.

Èmi ni ọmọ yín,
Adébísí,
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún karùn-ún nínú ìmọ̀ ẹja sísìn.