Lẹ́yìn Pátákó 41

Àbẹ̀kẹ́ ti kọjá pátákó kìlómítà 41 nínú eré ìje kìlómítà 42 kí ó tó mọ̀. Ọkùnrin kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló pariwo pé, "Ó ku ẹyọ kan!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹsẹ̀ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni pajápajá ti mú u.

Ẹran ẹ̀yìn ojúgun òsì ló ká jọ, ó le gbagidi bí òwú tó lọ́ mọ́ra wọn lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ń rí i bó ṣe ń ta lábẹ́ awọ, bí ẹni pé nǹkan alààyè kan wà níbẹ̀ tó ń wá ọ̀nà jáde. Ó dúró. Kò dúró láti Sùúrùlérè títí dé Máríléǹdì. Kò dúró lórí afárá Tádì Meńlándì, níbi tí oòrùn ti ká a mọ́ láàárín ọ̀sà láìsí igi kan tó lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Àfi ibí yìí, níbi tó ti ń gbọ́ ìlù àwọn tó ń dúró de sárésáré ní Èkó Àtìláńtíìkì.

Jókòó, ni ara rẹ̀ ń wí. Ọdún 43, ìyá ọmọ mẹ́ta, aránṣọ ní Múṣín, kìlómítà 41. Ta ni yóò sọ pé o kò ṣe?

Ó mọ ẹni tí yóò sọ ọ́. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ láti sáré kí àwọn oníbàárà tó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. "Àbẹ̀kẹ́, a kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí o kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé ọ. Èwo nínú méjèèjì?" Kò rí èsì fọ̀. Ó dorí kodò, ó ń bá bùbá oníbàárà lọ.

Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tí bàbá arúgbó kan, tí irun rẹ̀ funfun báláú, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ mi, má jókòó o. Bí o bá jókòó, o ò ní lè dìde mọ́."

"Bàbá, ẹsẹ̀ ló kọ̀."

"Kò kọ̀, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀. Fa ọmọ ìka sókè, sí ọ̀dọ̀ ara rẹ. Rọra."

Ó di irin ojú ọ̀nà mú, ó fa ọmọ ìka sókè. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, kókó náà tú. Ìgbà tó fi máa dúpẹ́, bàbá ti lọ. Òun náà ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó ń bẹ̀.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ń fọ́ pọ́pọ́ lábẹ́ bàtà rẹ̀. Atẹ́gùn òkun fẹ́ sí i lójú, ó sì rántí pé Bá Bíìṣì ló wà níhìn-ín nígbà èwe òun. Ìyá wọn a máa kó wọn wá lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Ìgbì gba sálúbàtà rẹ̀ kan lọ lọ́dún kan, ó sọkún délé. Wọ́n ti kó yanrìn dí òkun náà báyìí, ilẹ̀ gbígbẹ ló ń sá lórí rẹ̀.

Pajápajá tún fà á, lẹ́sẹ̀ ọ̀tún báyìí. Kò dúró. Ó dín ìṣísẹ̀ kù, ó ń kà á bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ká etí aṣọ: kékeré, kékeré, má fà á, má jẹ́ kó já. Ọ̀kan. Ọ̀kan sí i. Láàárín kíkà yẹn ni èsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí i lẹ́nu, ó sì sọ ọ́ síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èémí kò tó: "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ránṣọ. Gbogbo ohun tí mo bá parí, ẹlòmíràn ní í gbé e lọ."

Kò mọ̀gbà tó kọjá ilà. Sídí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ló gbá a mú, sálúbàtà lọ́wọ́, tó ń sunkún tó ń rẹ́rìn-ín. "Màámi! Ẹ ti dé! Ẹ dúró, ẹ ti dé!"

Wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Ó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbóná, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Bó ti máa ń ṣe, àtàǹpàkò rẹ̀ lọ tààrà sí ojú rírán okùn àmì-ẹ̀yẹ náà, ó tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e," ni Sídí wí.

"Rárá," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. "Fi èyí sílẹ̀ fún mi."